Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá ohùn rìn: ìtọ́sọ́nà fún gígé fídíò ọ̀rọ̀ orin ìjọsìn onílílé àti ègbè

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú fídíò tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin ìjọsìn sójú ìwòran ni pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó yọ. Akọrin á ti dé àárín ìlà kí òǹwòran tó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀ á sì máa lé ohun tí àwọn yòókù ti kọ kọjá. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹni tó ṣe fídíò náà to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí orí bíìtì ìlù, bẹ́ẹ̀ ohùn àwọn akọrin wa kì í dúró de bíìtì. Irú orin tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé ni èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ dáadáa, orin tí kò yára, tí ẹnì kan ń lé tí àwọn tó kù sì ń gbè é. Mo to ìlà mẹ́rin pọ̀ fún àpẹẹrẹ, a ó sì mú wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin:

Lílé: Ìwọ tó sìn mí kọjá ọ̀sà
Ègbè: Ọpẹ́ mi rèé, Olúwa mi
Lílé: Tí ìjì ò fi gbé mi lọ
Ègbè: Ọpẹ́ mi rèé, Olúwa mi

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba orin tó ti parí, kí ẹ sì lo íapíìsì oníwáyà

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan sórí táímùláìnì títí ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ yóò fi sọ pé òun kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ gba fáìlì náà ní WAV, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní MP3 tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹ lè tètè gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá tún orin ṣe, wọ́n lè gé díẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, MP3 fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń ní àlàfo kékeré níbẹ̀rẹ̀ tí etí kò lè gbọ́. Bí ẹ bá ti fi àmì sí gbogbo ìlà kí orin tuntun tó dé, gbogbo àmì náà á yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá lè rí ohùn ẹni tó ń lé àti ti àwọn elégbè gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí ìlù àti kíbọọ̀dù nínú rẹ̀, ẹ gbà á pẹ̀lú. Kì í ṣe òun ni àwọn ènìyàn máa gbọ́ nínú fídíò, ṣùgbọ́n òun ni ẹ máa tẹjú mọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ íapíìsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré. Èyí tó ń lo Bluetooth máa ń dá ohùn dúró díẹ̀ kí ó tó dé etí, ìdádúró náà sì lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fídíò tó ní fíréèmù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fíréèmù 6 nìyẹn. Gbogbo àmì tí ẹ bá fi etí bẹ́ẹ̀ sí ni yóò pẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀, nítorí pé lójú tiyín àti létí tiyín wọ́n ṣe régé. Àwọn fóònù àti ètò kan máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe, àmọ́ oníwáyà ló dájú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán àwọn akọrin tí wọ́n fi fóònù yà sẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé fóònù kì í sábà gba iye fíréèmù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu akọrin á bá ohùn mu ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá di ìṣẹ́jú kẹrin, ẹnu á ti yà kúrò lára ohùn. Kí ẹ tó gbé e wọ inú ètò, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo:

```
ffmpeg -i akorin.mp4 -vf fps=30 -c:a copy akorin_30.mp4
```

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ iye fíréèmù tó wà nínú bíìtì kan

Ìṣirò yìí kò le. Ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun ní fíréèmù 30, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Ẹ wá fi iye bíìtì tó wà nínú ìṣẹ́jú kan pín 1800, ìyẹn iye fíréèmù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Orin àpẹẹrẹ wa ń lọ ní bíìtì 72, nítorí náà bíìtì kan jẹ́ fíréèmù 25, bíìtì mẹ́rin sì jẹ́ fíréèmù 100, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 3 àti fíréèmù 10. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa kọ ọ́ báyìí: 20:00 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 20 àti fíréèmù òdo, fíréèmù sì ń lọ láti 0 dé 29 kí ó tó di ìṣẹ́jú-àáyá mìíràn.

Ìwọ̀n yìí kò ju òṣùwọ̀n ọwọ́ lọ. Bí wọ́n bá gba orin náà sílẹ̀ nínú ìsìn, tí onílù kò fi ohun tó ń ka bíìtì sí etí, orin sábà máa ń yára sí i bí ara bá ṣe ń gbóná. Ẹ má ṣe da ìlà ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kọ kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ kẹta pẹ̀lú ìrètí pé ó máa bá a mu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi àmì sí ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ `M` nígbàkígbà tí ìlà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì yìí ni wọ́n ń lò nínú DaVinci Resolve àti Premiere Pro. Ẹ má dá orin dúró láti tún ohunkóhun ṣe, ẹ jẹ́ kí ó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fẹ táímùláìnì náà lójú títí àwòrán ìró yóò fi hàn ketekete, kí ẹ sì yẹ àmì márùn-ún àkọ́kọ́ wò ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín pẹ́ ju etí yín lọ, àti pé ìpẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ìlà kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ fíréèmù 5 ní márààrún, ẹ fa gbogbo àmì padà sẹ́yìn ní fíréèmù 5, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yẹ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Yíyẹ̀wò ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí ló gba sùúrù. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì líle, bíi t, k, d tàbí gb, máa ń hàn nínú àwòrán ìró bí ògiri tó dédé dìde, kò sì sí ẹni tó lè ṣì í. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlà orin Yorùbá ni fáwẹ́lì ń ṣáájú rẹ̀, fáwẹ́lì kì í sì í ṣe ògiri. Ẹ wo ègbè wa, «Ọpẹ́ mi rèé». Bíìtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin wà ní 23:10, ìlù sì dún níbẹ̀ gbòòrò. Bí ẹ bá fẹ ojú àwòrán ìró náà, ẹ máa rí òkè ńlá kan ní 23:10 géérégé, ọwọ́ á sì fẹ́ fi àmì síbẹ̀. Ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tẹ́tí. Ẹ máa gbọ́ «pẹ́» ní 23:10. Ní 23:06, ẹ ṣì ń gbọ́ «ọ» tó ń lọ. Ní 23:02 ni ìró tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti orí ìlà tó tẹ́jú, àwọn elégbè ti la ẹnu. Àmì ègbè gbọ́dọ̀ wà ní 23:02, torí pé orí sílébù kejì ni bíìtì bọ́ sí, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá to ọ̀rọ̀ sórí ìlù ti fi fíréèmù 8 pẹ́ kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bákan náà ni «Ìwọ» rí. Bíìtì bọ́ sórí «wọ» ní 20:00, ṣùgbọ́n ohùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 19:22. Ìlà «Tí ìjì» yàtọ̀, ó rọrùn láti rí nítorí t, ó sì tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn: ẹni tó ń lé kò dúró de òpin ègbè, ìdajì bíìtì ló fi ṣáájú bíìtì tó wà ní 26:20, ó gbé ohùn wọlé ní 26:08 nígbà tí àwọn elégbè ṣì wà lórí «mi». Bí ìlù bá bo ohùn mọ́lẹ̀ nínú orin tí wọ́n ti pò pọ̀, ojú kò lè rí gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí ohùn tí wọ́n gbà lọ́tọ̀ fi ń dín làálàá kù gan-an. Bí kò bá sí, etí nìkan ni ẹ máa lò.

Ẹ tún fi àmì sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fa ohùn. Ẹni tó ń lé fa «ọ̀sà» kọjá ibi tí ègbè ti wọlé, ó sì di 24:05 kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ojú ṣáájú ẹnu

Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ní ojú àmì náà gan-an, ó gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí fídíò náà bá jẹ́ ti àwọn tó ń wò ó lórí fóònù, tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n sì ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fíréèmù 10 tó. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ìjọ máa kà lójú purojẹ́kítọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, ẹ fún un ní odidi bíìtì kan, torí pé ìjọ ní láti kà á, kí wọ́n mí, kí wọ́n tó gbé e. Mo rò pé ohun tó tọ́ ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà méjì dípò kí ẹ wá àárín tí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ bá fi bíìtì kan ṣáájú lórí fóònù, á dà bí ẹni pé ó ń kánjú.

Fún ẹ̀dà ti fóònù, iṣẹ́ àpẹẹrẹ wa máa rí báyìí. «Ìwọ tó sìn mí kọjá ọ̀sà» yọ ní 19:12. «Ọpẹ́ mi rèé, Olúwa mi» yọ ní 22:22. «Tí ìjì ò fi gbé mi lọ» yọ ní 25:28. Fún ẹ̀dà ti purojẹ́kítọ̀, ègbè yẹn á yọ ní 22:07, kí ẹ sì ṣe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún yíyọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń fún yíyọ ní odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan láìjẹ́ pé ẹ béèrè, èyí tó túmọ̀ sí pé ìlà tí ẹ fi fíréèmù 10 síwájú ohùn ṣì máa ṣókùnkùn nígbà tí ohùn bá dé. Ẹ dín in kù sí fíréèmù 6, kí ó lè ti tàn tán kí akọrin tó la ẹnu. Pípòórá náà kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ohùn bá ti dákẹ́ pátápátá. Ní ti àwọn àrà tí ọ̀rọ̀ fi ń yí gbirigbiri tàbí tí lẹ́tà ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìpolówó ọjà, nítorí pé ojú kò lè ka ohun tó ń rìn.

Ẹ padà wo iye tí a kọ sókè yìí, ẹ máa rí ìṣòro kan. Ègbè yọ ní 22:22, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń lé ṣì ń fa «ọ̀sà» títí di 24:05. Bí ibi kan ṣoṣo bá wà fún ọ̀rọ̀ lójú ìwòran, ẹ ní láti mú ọ̀kan kúrò kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ìyẹn ni a ṣe ń fún lílé ní ìlà òkè tí ègbè sì ń gba ìlà ìsàlẹ̀, tí àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ díẹ̀, bíi funfun àti àwọ̀ ìyeyè. Lílé á wà lókè láti 19:12 títí 24:05, á sì ti pòórá tán ní 24:11. Ègbè á wà nísàlẹ̀ láti 22:22, kò sì ní kúrò nígbà tí «Tí ìjì» bá yọ lókè ní 25:28, ó di 26:18 tí àwọn elégbè bá gbé «mi» sílẹ̀. Láàárín àkókò tí méjèèjì jọ wà, kò sí ẹni tó máa ṣì wọ́n, nítorí òǹwòran ti mọ̀ láti ìlà kejì pé òkè ni ti aṣáájú, ìsàlẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn. Ẹ má pààrọ̀ ipò wọn rárá títí orin yóò fi parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gé àwòrán níbi èémí

Gbogbo ìgbà tí àwòrán ẹ̀yìn bá yí padà ni ojú ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti lọ wo ohun tuntun. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan wà láàárín ìlà, ó ní láti wá ibi tó kà dé. Nítorí náà, ibi tó dára jù láti gé ni ibi tí ìlà tuntun ti fẹ́ yọ, kí àwòrán ṣáájú ọ̀rọ̀ ní fíréèmù 2 tàbí 3. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rọ̀ yọ ní 25:28, ẹ gé àwòrán ní 25:25. Ní tòótọ́, ègbè ṣì ń lọ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ń ka ègbè ní àkókò yẹn, gbogbo wọn ti ní in lẹ́nu. Ẹni tó bá gé ní 26:20 torí pé bíìtì kìíní wà níbẹ̀, àárín «Tí ìjì» ló gé sí, etí á gbádùn rẹ̀ ṣùgbọ́n ojú á kọsẹ̀.

Fún orin tó lọ ní bíìtì 72, àwòrán kan fún lílé kan àti ègbè rẹ̀ ti tó. Bíìtì mẹ́jọ nìyẹn, fíréèmù 200, ìṣẹ́jú-àáyá 6 àti díẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní èbúté Ìpakodò, tí ẹ gbé kámẹ́rà ka orí ìdúró, lè dúró fún ìlọ́po méjì iye yẹn láìsú ẹnikẹ́ni, nítorí pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ omi tó ń dán nínú oòrùn máa ń gbé ọ̀rọ̀ funfun mì, nítorí náà ẹ sọ àwòrán náà di dúdú díẹ̀ lábẹ́ ìlà méjèèjì. Nígbà tí orin bá bọ́ sí ibi ijó, ẹ lè máa gé ní bíìtì mẹ́rin mẹ́rin. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti yára ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà láti kà. Níbi tí kò bá sí ọ̀rọ̀, tí fèrè tàbí gìtá nìkan ń dún, bíìtì ìlù lẹ lè wá tẹ̀ lé pátápátá, kí ẹ gé lórí rẹ̀ tàbí ní fíréèmù kan ṣáájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwítúnwí àti ọ̀rọ̀ àárín orin

Ègbè tí wọ́n bá tún kọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kò gbọdọ̀ dúró gbagidi lójú ìwòran, torí àwọn ènìyàn á rò pé fídíò ti há. Ẹ dín ìtànná rẹ̀ kù fún fíréèmù 4 kí ìkọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tún tàn padà, ìyẹn náà tó láti fi hàn pé a tún ti gbé e. Ohun tí aṣáájú bá ń sọ láàárín, bíi «ẹ gbé e sókè» tàbí «ẹ̀ẹ̀kan sí i», ẹ má kọ ọ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ó ń pe ìlà tuntun tí àwọn elégbè máa gbè.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdánwò

Ẹ pa ohùn, kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ orin náà máa fi ọ̀rọ̀ ojú ìwòran nìkan kọ ọ́. Ibi tó bá ti dúró láti dúró de ọ̀rọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá ohùn padà, kí ẹ sì fún ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dípò fídíò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ tààrà sí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá dára tí òpin sì yẹ̀, fíréèmù ni kò bára mu, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Bí gbogbo rẹ̀ bá fi iye kan náà pẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì yín ni ẹ kò fà padà tó, tàbí kí ó jẹ́ íapíìsì.

Ẹ̀dà ti purojẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìdánwò nínú ilé ìjọsìn náà gan-an. Purojẹ́kítọ̀ àti àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá máa ń tún àwòrán ṣe kí wọ́n tó gbé e jáde, àwòrán á sì fi fíréèmù díẹ̀ pẹ́ ju ohùn tó gba inú ẹ̀rọ amúohùngbòòrò jáde lọ. Ẹ dúró sẹ́yìn, ní ìlà àga tó kẹ́yìn, kí ẹ wo bóyá ègbè ti tàn kí wọ́n tó gbè é. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀ tí kò sì pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má fọwọ́ kan àmì kankan, gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni kí ẹ jọ fà síwájú ohùn ní fíréèmù 3 tàbí 4 nínú ẹ̀dà yẹn nìkan, kí ẹ tún un gbé jáde, kí ẹ sì tún lọ dúró ní ìlà àga tó kẹ́yìn.